Ta ló mú oníbàárà wá, ìpolówó ni àbí orúkọ wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ìyàwó ni mò ń tà ní Wàǹdó, ní Àjàṣẹ́ níbí. Ọmọ tó ń bá wa polówó lórí Google ní 120,000 sẹ́fà tí a ná lóṣù tó kọjá mú ọjà 960,000 wá, ìlọ́po mẹ́jọ. Mo wo ìwé ìsọ̀, iye tí a ń tà kí a tó bẹ̀rẹ̀ náà la ṣì ń tà. Ṣé irọ́ ló ń pa ni?

Ìdáhùn: Kò purọ́, màmá. Ẹni tó tẹ ìpolówó kó tó rajà ni Google ń kà. Bóyá ẹni náà ìbá ti wá bí ìpolówó ò bá sí, ìyẹn ni kò kà.

Mo ṣí `Termes de recherche` nínú àkáǹtì yín, níbi tí ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ wà. Ọ̀nà méjì ni mo pín wọn sí. Àwọn kan tẹ orúkọ ìsọ̀ yín, títí kan àwọn tó ṣì í kọ. Ogójì ló rajà nínú wọn, 800,000 sẹ́fà, ìpolówó tiwọn ò sì ju 30,000 lọ. Àwọn yòókù tẹ nǹkan bíi `tissu mariage porto-novo`, wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mẹ́jọ péré ló rajà níbẹ̀, 160,000, owó tó bá wọn lọ sì jẹ́ 90,000. Tí a bá pa méjèèjì pọ̀, ìlọ́po mẹ́jọ ni. Tí a bá yà wọ́n, ti orúkọ lé ní ìlọ́po 26, èkejì ò tó méjì. Bí èrè yín bá jẹ́ 25 nínú 100, 160,000 yẹn fi 40,000 sílẹ̀, 90,000 lẹ sì fi wá a.

Ta ló ń tẹ orúkọ ìsọ̀? Obìnrin kan rí aṣọ ẹbí níbi ìyàwó ní Kétu, ó béèrè ibi tí wọ́n ti rà á, wọ́n sọ fún un. Ó délé, ó tẹ orúkọ yín. Ìpolówó yín ló yọ lókè, ìkànnì yín tí ẹ ò sanwó fún sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìka rẹ̀ bọ́ sórí ti òkè. Ẹni tó wọ aṣọ ló ta ọjà yẹn. Bí oníbàárà bá ní kí sẹmijáàn gbé òun lọ sí ìsọ̀ yín, sẹmijáàn gba owó ọ̀nà ni, kì í ní òun ló wá oníbàárà fún yín.

Ìbéèrè: Bí mo bá dá ti orúkọ yẹn dúró, ṣé wọn ò ní bá ẹlòmíràn lọ?

Ìdáhùn: eBay dán an wò ní oṣù kẹta ọdún 2012. Wọ́n dá ìpolówó orúkọ ara wọn dúró lórí Yahoo àti ti Microsoft, wọ́n fi ti Google sílẹ̀ kí wọ́n lè fi wé e. Nínú àwọn tó máa ń gba ìpolówó wọlé, 99.5 nínú 100 ló ṣì wọlé, ọ̀nà ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbà. Blake, Nosko àti Tadelis, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, tẹ ìwádìí náà jáde ní 2015. Wọ́n dá ìpolówó yòókù dúró láwọn agbègbè kan ní Amẹ́ríkà náà: àwọn tó ń rajà déédéé ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, àwọn tuntun àti àwọn tí kì í sábà rà nìkan ni ìpolówó ràn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ eBay, ẹ ò tíì dé ibẹ̀, nítorí náà ẹ dán tiyín wò. Ẹ fi orúkọ ìsọ̀ sínú `Mots clés à exclure`, níbi tí a ń kọ ọ̀rọ̀ tí ìpolówó ò gbọdọ̀ yọ sí, fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sí ọdún níbẹ̀. Bí ọmọ náà bá ń lo Performance Max, irú ìpolówó tí Google fúnra rẹ̀ ń yan ibi tí yóò ti yọ, ẹ ní kó yọ orúkọ yín kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni orúkọ máa ń sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ má wo ìwé Google rárá. Yóò já wálẹ̀ bí òkúta, ọmọ náà á sì pariwo. Ìwé rìsíìtì yín ni kẹ́ ẹ kà, gbogbo ọjà, ọ̀nà yòówù kó gbà wá. Bí ẹ bá ń ta 60 lọ́sẹ̀ méjì, tẹ́ ẹ wá ta 58, ìpolówó orúkọ ò ṣe nǹkan kan tó hàn. Bó bá di 45, ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ọjà a máa lọ sókè sódò fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ tan án padà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ tún pa á.

Láàárín ìgbà tó wà ní pípa, ẹ fi fóònù ẹlòmíràn tẹ orúkọ yín. Bí ìpolówó onísọ̀ míì bá yọ níbẹ̀, ẹ tan ti orúkọ padà, ṣùgbọ́n owó ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí.

Ìbéèrè: Ti 90,000 yẹn wá ńkọ́? Kí n pa á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì pa á. Ẹ wá àwọn mẹ́jọ yẹn nínú ìwé rìsíìtì. Mélòó ni ò rajà lọ́wọ́ yín rí? Àwọn yẹn nìkan ni 90,000 rà. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, 30,000 lẹ fi wá ọ̀kọ̀ọ̀kan, èrè 5,000 sì ni ọjà 20,000 kan ń fi sílẹ̀. Kò ní bọ́ sí i àfi bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá rajà tó ìgbà mẹ́fà, bíi ti ìkómọjáde àti ti òkú.