Àpótí àti ìdérí nínú fáìlì kan ṣoṣo: báwo ni a ṣe ń yọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀?

Ìbéèrè: Mo ya àpótí kékeré kan àti ìdérí rẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo ní SolidWorks. Ẹni tó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi sọ pé ohun kan ṣoṣo ni òun rí, àwọn méjèèjì sì lẹ̀ mọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló fà á, báwo ni mo sì ṣe lè fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ wo àkójọ ìgbésẹ̀ tó wà lápá òsì, níbi tí wọ́n kọ Solid Bodies sí, kí ẹ ka nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ 1, inú àwòrán ni àṣìṣe wà, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́: nígbà tí ẹ gbé ìdérí lé àpótí, àmì ṣì wà lójú Merge result, kọ̀ǹpútà sì so àwọn méjèèjì di ara kan. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ tí ẹ fi ṣe ìdérí, kí ẹ yọ àmì náà kúrò, nọ́ńbà yóò sì di 2.

Kí wọ́n di ara méjì nìkan kò tó. Ká ní àpótí yín gùn ní mìlímítà 80, tó fẹ̀ ní 50, tí ògiri rẹ̀ sì nípọn ní 2, inú rẹ̀ yóò gùn ní 76, yóò sì fẹ̀ ní 46. Bí ètè ìdérí tó ń wọnú rẹ̀ bá jẹ́ iye yìí gẹ́lẹ́, yóò bá a mu lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ike tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ lè má wọlé rárá, nítorí pé ẹ̀rọ kì í tẹ̀ ẹ́ sí ìwọ̀n gẹ́lẹ́. Èmi a máa fi àlàfo 0.2 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ètè náà lè jẹ́ 75.6 àti 45.6. Ohun tó mú mi fẹ́ràn fáìlì kan ṣoṣo gan-an nìyí: ara àpótí ni a ti ń wọn ìdérí, bí àpótí bá sì gùn sí i, ìdérí á tẹ̀ lé e.

Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ ara kan nínú àkójọ náà, kí ẹ yan Insert into New Part, kí ẹ sì tọ́jú fáìlì tuntun náà ní STEP. Save Bodies lè yọ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ìgbésẹ̀ nínú àkójọ, ohunkóhun tí ẹ bá sì ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò ní dé inú fáìlì tó yọ. Mo ti lu ihò mẹ́rin sí ìdérí lẹ́yìn Save Bodies rí. Ihò náà hàn kedere lójú mi, ìdérí tí mo gbà kò sì ní ẹyọ kan. Ńṣe ni kí ẹ fa ìgbésẹ̀ ihò náà sókè Save Bodies.

Bó bá jẹ́ STL ni wọ́n béèrè, ẹ ṣọ́ra, torí kì í sọ bóyá mìlímítà tàbí íǹṣì ni nọ́ńbà inú rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́ ní íǹṣì, tí wọ́n kà á sí mìlímítà, àpótí tó gùn ní 80 yóò di 3.15. Ní ti STEP, ẹ tún un ṣí kí ẹ tó fi ránṣẹ́: gígùn àpótí gbọ́dọ̀ jẹ́ 80, Solid Bodies ti fáìlì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 1.