Kò sí aṣọ ẹbí, ẹ wọ ohun tí ẹ ní: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí léèsì tí òde ti mọ̀

Ìwé ìpè ìgbéyàwó kan dé sórí fóònù mi láti Adó-Èkìtì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: «Kò sí aṣọ ẹbí. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ wúrà ni. Ẹ wọ ohun tí ẹ ní.» Kí ni wọ́n ń fẹ́ gan-an?

Wọ́n ń fẹ́ kí àwọ̀ méjèèjì hàn níbi kan lára yín, wọn kò ní kí ẹ fi ewé àti wúrà bora láti orí dé ẹsẹ̀. Irú ìwé ìpè báyìí ti da ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa láàmú, nítorí ohun tí ó ti mọ́ wa lára ni pé kí ẹbí mú aṣọ, kí wọ́n dá iye lé e, kí olúkúlùkù san owó, kí ó sì gbé ti rẹ̀ lọ fún aránṣọ. Bí ẹbí bá ti wá sọ pé àwọn kò ta aṣọ, ara tu àpò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ríronú tí àwọn ìyá ìyàwó máa ń bá wa ṣe ti wá di ti ẹni tí a pè.

Ṣé wọn kò ní bínú bí mo bá wọ aṣọ tí wọ́n ti rí lára mi rí?

Wọ́n ní kí ẹ wọ ohun tí ẹ ní, ohun tí ènìyàn sì ní ni èyí tí ó ti wọ̀ rí.

Inú àpótí mi kún. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú jáde?

Ẹ mú èyí tí ó ṣì wọ̀ yín láìsí ìjà. Ẹ wọ bùbá rẹ̀ kí ẹ tó ronú kan gèlè rárá, kí ẹ sì gbé apá méjèèjì sókè bí ẹni fẹ́ jó. Iró kì í tú àṣírí ẹni tí ó ti sanra sí i, apá bùbá ni alásọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé aṣọ náà sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, kí ẹ wo abẹ́ abíyá àti etí ọrùn. Bí àwọ̀ ibẹ̀ bá ti ṣá, tàbí tí léèsì funfun bá ti pọ́n níbẹ̀, ẹ dá a padà, nítorí pé kò sí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lè gba ojú ènìyàn kúrò níbi tí ó wà nítòsí ọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Iró àti bùbá léèsì àwọ̀ wáìnì tí mo rà ní 2021 ni ó yege. Mo ti wọ̀ ọ́ lọ sí òde mẹ́ta, pẹ̀lú gèlè wáìnì kan náà. Mo tún ní gèlè àwọ̀ wúrà àti síkáàfù sílíìkì àwọ̀ ewé. Ṣé ó tó?

Ó tó, kò sì yẹ kí ẹ ra ohunkóhun kún un. Ibi tí ojú ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ lóde ni orí àti èjìká. Bí ẹ bá ti jókòó ti tábìlì, ìdajì iró yín ti wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú àwọn àwòrán tí a ń yà lóde kì í kọjá àyà. Nítorí náà, láti àyà lọ sókè ni àyípadà gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀, kí bàtà àti àpò wá tẹ̀ lé e. Ní òde mẹ́ta tí ẹ sọ yẹn, wáìnì ni yín láti orí dé ẹsẹ̀, òun ni àwọn ènìyàn sì fi mọ̀ yín. Bí gèlè wáìnì bá ti kúrò, ohun tí wọ́n rántí ti kúrò pẹ̀lú rẹ̀.

Mo fẹ́ kí gèlè jẹ́ wúrà, kí àwọ̀ ewé wà ní èjìká, kì í ṣe ní òdìkejì. Wáìnì àti ewé tí ó jinlẹ̀ jẹ́ àwọ̀ tí ó ṣókùnkùn, inú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò pọ̀ sì lè sọ orí àti ara yín di òkùnkùn kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n wúrà máa ń da ìmọ́lẹ̀ sí ojú. Àmọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ wo okùn dídán tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ara léèsì náà dáadáa. Bí ó bá jẹ́ wúrà, gèlè yín ti rí ìbátan. Bí ó bá jẹ́ fàdákà, gèlè wúrà yóò dà bí èyí tí ẹ yá lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ kúkú lo gèlè tí kò ní okùn dídán kankan. Nítorí pé léèsì ti ní iṣẹ́ lára púpọ̀, gèlè gbọ́dọ̀ jẹ́ aláìlọ́nà. Aṣọ tí kò ní iṣẹ́ lára ni ó lè gba gèlè oníṣẹ́ lórí.

Àwọ̀ ewé síkáàfù náà gbọ́dọ̀ jinlẹ̀ bí ewé obì. Bí ó bá mọ́lẹ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa èyíkéyìí, ẹ ó dà bí ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì tí wọ́n gbàgbé láti ká nílẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹ ní òòró títí ìbú rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí ìka mẹ́jọ, ẹ gbé e lé èjìká òsì gẹ́gẹ́ bí ìborùn, kí ti iwájú sọ̀ kalẹ̀ dé ìbàdí, kí ẹ sì fi píìnì kan ṣoṣo mú un láti abẹ́ kí ó má baà máa yọ̀. Bí ẹ bá ti máa ń jẹ́ kí bùbá bọ́ sórí iró, ẹ fi iró dì í mọ́nú lọ́tẹ̀ yìí, kí ìbàdí hàn. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni ó máa ń yí ìrísí ara padà jù lọ láìsí abẹ́rẹ́ àti okùn.

Ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ẹ tò wọ́n sórí ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù máa ń mú kí àwọ̀ méjì tí kò bára mu dà bí ìbejì, ìta ni ìjà wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ gbogbo rẹ̀, kí ẹnì kan ya àwòrán yín láti àyà sókè, kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán òde àtijọ́. Ẹ fi àtàǹpàkò bo ojú yín nínú méjèèjì. Bí ó bá ṣì dà bí ọjọ́ kan náà, yẹtí ni kí ẹ tún pààrọ̀, kì í ṣe aṣọ.

Ẹ dúró níbẹ̀. Ohun tí ó máa ń ba irú ìmúra yìí jẹ́ ni àfikún kẹrin: gèlè ń dán, léèsì ń dán, wọ́n wá tún kó ìlẹ̀kẹ̀ ìlà mẹ́ta sọ́rùn, abẹ̀bẹ̀ oníyẹ̀ẹ́ sì ń bẹ lọ́wọ́. Pẹ̀lú léèsì yìí, yẹtí wúrà àti ẹ̀gbà ọwọ́ kan ti tó, kí ọrùn sinmi.

Iyùn tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi ńkọ́? Ṣé kò yẹ kí n lò ó?

Mi ò fẹ́ kí ẹ ṣì mí gbọ́, nítorí mo mọ ohun tí iyùn jẹ́ ní ilẹ̀ Èkìtì. Iyùn dára, wáìnì dára, àmọ́ pupa wọn kì í ṣe ọ̀kan. Pupa iyùn fì sí àwọ̀ ọsàn, pupa wáìnì sì fì sí ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò. Bí ẹ bá gbé iyùn lé bùbá yìí, iyùn yóò dà bí oníke, bùbá náà yóò sì dà bí ohun tí a kò fọ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó ṣẹ̀. Ẹ fi í pamọ́ de ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ wọ funfun, tàbí òfì sányán tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ilẹ̀, tàbí ẹtù aláró. Bí ọkàn yín kò bá gbà láti fi í sílẹ̀, ọwọ́ ni kí ẹ fi sí, kí ó jìnnà sí léèsì.

Nígbàkigbà tí ẹ bá sì lò ó, ẹ fín lọ́fínńdà tán kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Inú òkun ni iyùn ti wá, èròjà tí èèpo ẹyin fi le náà ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí náà omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ohunkóhun tí ó bá kan lè jẹ ojú rẹ̀. Òógùn pàápàá máa ń dín dídán rẹ̀ kù. Aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi nù ún ní alẹ́ kí ẹ tó dá a padà.

Bàbá ilé wa ńkọ́?

Fìlà àwọ̀ ewé. Bí agbádá rẹ̀ bá ti di ẹni mímọ̀ ní gbogbo òde Adó, kí ó bọ́ ọ sílé, kí ó wọ bùbá àti ṣòkòtò rẹ̀ nìkan.

Aṣọ ẹbí ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́ mi ni ó ní àwọ̀ ewé lára jù nínú àpótí mi. Ṣé mo lè wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó?

Bí wọ́n bá tẹ àwòrán tàbí orúkọ olóògbé sí i lára, rárá. Bí kò bá sí àmì kankan, ẹ béèrè àwọn tí yóò wà níbẹ̀. Bí ẹbí olóògbé yóò bá wà lórí ìjókòó, ìlẹ̀kẹ̀ kò lè mú kí wọ́n má rántí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Bí wọn kò bá ní sí níbẹ̀, ẹ pín aṣọ náà: iró nìkan ni kí ẹ mú, kí ẹ wọ bùbá aláwọ̀ kan mìíràn lé e. Ìlànà kan náà ni fún aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe wọ̀ ọ́ pẹ̀lú gèlè tí wọ́n tà pọ̀ mọ́ ọn láéláé, nítorí àpapọ̀ méjèèjì ni àmì ẹgbẹ́, ẹ ó sì dà bí aṣojú tí òde kan rán sí òde kejì.

Kí ni ó yẹ kí n bẹ̀rù jù lọ kí ọjọ́ náà tó pé?

Áyọ́ọ̀nù. Okùn dídán inú gèlè àti òfì máa ń yọ́ tàbí kí ó ká jọ bí iná bá pọ̀. Ẹ dín iná kù pátápátá, ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ sókè, kí ẹ sì tẹ́ aṣọ òwú tín-ínrín lé e kí áyọ́ọ̀nù tó kàn án. Bí ẹ bá ti lò ó tán, ẹ ká a yíká bí ẹní, ẹ má ṣe ṣẹ́ ẹ, nítorí ojú ìṣẹ́ tí ó bá ti pẹ́ nínú gèlè líle kì í lọ mọ́.

Èkejì ni òórùn káńfọ̀. Kò sí gèlè wúrà tí ó lè bo òórùn àpótí mọ́lẹ̀. Ẹ sá gbogbo rẹ̀ sí afẹ́fẹ́ níbi òjìji ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ má ṣe sá a sí oòrùn, kí àwọ̀ má baà ṣá.

Ẹ̀kẹta ni òkúta ara léèsì. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra èjìká bùbá. Bí ó bá ń họ ọwọ́ yín, yóò fa okùn síkáàfù sílíìkì náà jáde kí iyán tó dé orí tábìlì, ẹ kúkú gbé e kọ́ apá.

Bí ẹnì kan bá pariwo níbẹ̀ pé òun mọ aṣọ yìí ńkọ́?

Ẹ sọ fún un pé òun náà ni, kí ẹ sì bi í bóyá ó mọ gèlè.