Fáàtì kì í ṣe owó orí lórí èrè: bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ń mọ̀ bóyá yóò san owó tàbí yóò gbà á padà

Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò láàárín àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré, mo sì máa ń bá a pàdé nígbà tí mo bá jókòó ti ẹnì kan láti bá a yẹ ìwé owó rẹ̀ wò. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá jèrè nìkan ló ń san owó orí àfikún iye, èyí tí gbogbo wa ń pè ní fáàtì, àti pé ẹni tó bá pàdánù kò ní nǹkan kan láti san. Ìgbàgbọ́ náà ní apá kejì: pé bí ìṣirò bá fi hàn pé ìjọba yóò dá owó padà, a jẹ́ pé ọjà kò tà. Apá méjèèjì ni kò tọ̀nà, ó sì ń dùn mí nítorí pé ẹni tó bá gbà á gbọ́ yóò ti ná owó tí kì í ṣe tirẹ̀ kó tó mọ̀ pé gbèsè ti wọlé.

Fáàtì kì í béèrè èrè. Owó méjì péré ló ń fi wé ara wọn: èyí tí ẹ gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà nígbà tí ẹ ń tajà, tí mo máa pè ní fáàtì títà, àti èyí tí àwọn tó ń kó ọjà fún yín gbà lọ́wọ́ yín, tí mo máa pè ní fáàtì rírà. Ẹ ó yọ fáàtì rírà kúrò lára fáàtì títà. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù, ìjọba lẹ jẹ ẹ́. Bí fáàtì rírà bá pọ̀ ju ti títà lọ, ìjọba ló jẹ yín.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ṣe ìṣirò rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Iye fáàtì yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, nítorí náà màá lo ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kí ìṣirò lè rọrùn. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, owó tó wọlé láti ọwọ́ àwọn oníbàárà jẹ́ 880,000, fáàtì sì ti wà nínú rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ ṣìṣe, nítorí wọ́n á mú ìdá mẹ́wàá nínú 880,000, wọ́n á sì kọ 88,000 sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iye ọjà fúnra rẹ̀ ni ọgọ́rùn-ún. Owó tí oníbàárà san jẹ́ ọgọ́rùn-ún àti mẹ́wàá. Bí a ṣe ń yọ fáàtì jáde nínú rẹ̀ nìyí:

```
880,000 × 10 ÷ 110 = 80,000
```

Ẹni tó kọ 88,000 ti fi 8,000 ta ìjọba lọ́rẹ láìmọ̀. Ní oṣù mẹ́ta yẹn kan náà, ṣọ́ọ̀bù náà ra ọjà tí gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ 660,000. Ọ̀nà ìṣirò kan náà fi hàn pé fáàtì tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 60,000. Nígbà tí a bá yọ 60,000 kúrò nínú 80,000, owó tí ṣọ́ọ̀bù yóò san jẹ́ 20,000.

Ó wá ku owó òṣìṣẹ́ àti owó ilé, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 230,000, tí kò sì sí fáàtì kankan nínú wọn. Láìka fáàtì mọ́ ọn, ọjà tí wọ́n tà jẹ́ 800,000. Wọ́n rà á ní 600,000. Bí a bá tún yọ 230,000, àdánù 30,000 ni ṣọ́ọ̀bù náà bá bọ̀. Síbẹ̀ yóò san 20,000. Mo mọ bí èyí ṣe máa ń ká ènìyàn lára, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ṣe kedere. Iye tí ṣọ́ọ̀bù fi kún ọjà jẹ́ 200,000, èyí tí ó jẹ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó tí wọ́n rà á àti owó tí wọ́n tà á, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ sì ni 20,000. Inú 200,000 yẹn ni owó òṣìṣẹ́ àti owó ilé ti ń jáde, kò sì tó wọn. Pé kò tó wọn kò yí fáàtì padà, nítorí àwọn oníbàárà ti san 80,000 náà sínú àpótí owó ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń bá ìjọba gba owó ni olùtajà jẹ́.

Ẹ wo oṣù mẹ́ta kejì. Ọjà tà dáadáa: owó tó wọlé jẹ́ 1,100,000, fáàtì títà jẹ́ 100,000. Láìka fáàtì mọ́ ọn, ọjà tí wọ́n tà yìí jẹ́ 1,000,000, 750,000 ni wọ́n sì rà á. Bí a bá tún yọ 230,000, èrè 20,000 ló kù. Ṣùgbọ́n onílé ìtajà náà ti ra ọjà púpọ̀ sílẹ̀, àpapọ̀ owó rẹ̀ sì jẹ́ 1,485,000, tí fáàtì inú rẹ̀ jẹ́ 135,000. Ìwé ọjà ni fáàtì ń wò. Kò dúró de ìgbà tí ọjà bá kúrò lórí àtẹ. Nítorí náà 100,000 dín 135,000 fi hàn pé ìjọba jẹ ṣọ́ọ̀bù náà ní 35,000, nínú oṣù mẹ́ta tó jèrè.

Kí inú tó dùn jù, ẹ kọ́kọ́ yẹ àwọn ìwé náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́pọ̀ ibi, kì í ṣe gbogbo rìsíìtì ló ń gba fáàtì padà: orúkọ ẹni tó ta ọjà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tó fi forúkọ sílẹ̀ fún fáàtì, kí ọjà náà sì jẹ́ ti iṣẹ́, kì í ṣe ti ilé. Ká ní 110,000 nínú ọjà wọ̀nyẹn wá láti ọwọ́ ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀. Kò gba fáàtì kankan lọ́wọ́ yín, nítorí náà 10,000 tí ẹ fi ìṣirò yọ jáde níbẹ̀ kò sí rárá. Fáàtì rírà di 125,000, owó tí ìjọba jẹ yín sì di 25,000.

Owó yìí náà kì í fi gbogbo ìgbà jáde lówó. Ọ̀pọ̀ ìjọba á ní kí ẹ gbé e lọ sí ìṣirò tó kàn. Ní oṣù mẹ́ta kẹta, ṣọ́ọ̀bù náà ń ta èyí tó ti wà nílẹ̀: fáàtì títà jẹ́ 90,000, fáàtì rírà jẹ́ 15,000 péré, ìyàtọ̀ wọn sì jẹ́ 75,000. A ó yọ 25,000 tó ti wà nílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù yóò sì san 50,000. Ọjà tó mú kí owó padà wá ni ó tún mú kí owó jáde nígbà tó tà.

Nítorí náà, bí ìṣirò yín bá ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan lé lẹ́ẹ̀kan pé owó ń padà bọ̀, tí ọjà inú ṣọ́ọ̀bù kò sì pọ̀ sí i, tí ẹ kò sì ra ohun èlò ńlá kan, ẹ tún ìwé yín yẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ pé ọjà tí ẹ ń tà wà lára èyí tí òfin fi fáàtì òdo sí, èyí sì tọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ọjà kan tí ẹ tà kò wọ inú ìwé, tàbí pé ẹ ń ka rìsíìtì tí kò ní fáàtì nínú mọ́ ọn, tàbí pé iye tí ẹ ń ta ọjà kéré sí iye tí ẹ rà á.