Bóòtù ìrìn-àjò tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ

Àbúrò mi tó ń gbé ní Gáà Àkànbí, ní Ìlọrin, ló pè mí lálẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o! Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí mo rà lánàá ti ń rìn kúrò lára ògiri, ó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta."

Mo ní, "Ṣé o ti tú bóòtù ẹ̀yìn rẹ̀?"

Ó ní, "Bóòtù wo?"

Nínú ẹ̀rọ tí à ń ti iwájú kó aṣọ sí, àgbá tó gba omi dúró kò jókòó lórí páànù. Sípíríǹgì ló so ó rọ̀ látòkè, ṣọ́kù sì dì í mú nísàlẹ̀, kí ó lè máa mì nínú láìgbọn ara ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá gbé e báyìí láti Èkó dé Ìlọrin, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ni yóò máa gbá àgbá náà mọ́ páànù. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ fi ń ti bóòtù gígùn bíi 3 tàbí 4 wọlé láti ẹ̀yìn, tó di àgbá mú gírígírí. Tí ẹ kò bá tú u kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, àgbá tó yẹ kó mì kò ní lè mì mọ́. Nígbà tó bá ń fún aṣọ, ara ẹ̀rọ ni gbogbo ìgbọ̀n náà yóò lọ. Ẹ̀rọ á máa fò, bẹ́ríìnì àti ṣọ́kù á sì bàjẹ́.

Mo ní kó yọ okùn iná, kó wá sípánà. Nọ́ńbà 10 ló bá tirẹ̀ mu. Ti ẹlòmíì lè jẹ́ 13. Ó tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, síbẹ̀ ariwo kò tán. Mo ní kó kà á: rọ́bà tó wọ bóòtù lára, mẹ́ta péré ló bá a jáde! Ìkẹrin ṣì há sínú ihò. Ó fi ọwọ́ fà á yọ, ó ti àgbá láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì ń mì fìrì-fìrì. Ìgbà yẹn ló fi ìdérí tó bá ẹ̀rọ wá dí àwọn ihò náà.

Ọ̀rọ̀ omi ló kù. Orí rọ́bà omi tó tẹ̀ ló máa ń wọ ara ẹ̀rọ, èyí tó gùn gbọnrangandan sì máa ń wọ ẹnu ẹ̀rọ omi. Orí yìí, ìwọ̀n ínṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin ni. Ẹnu ẹ̀rọ omi tirẹ̀ jẹ́ ìdajì ínṣì, ó ní láti ra òmíràn. Wáṣà rọ́bà inú orí náà ló ń dí omi, kì í ṣe tépù funfun tí púlọ́ńbà rẹ̀ fẹ́ wé mọ́ ọn. Ọwọ́ ni kí ẹ fi dè é, kí ẹ wá fi púláyà kún un díẹ̀. Bí ẹ bá dè é jù, wáṣà á ya. Ẹ ṣí omi, kí ẹ fi tíṣù gbígbẹ nu ibi ìsopọ̀. Bó bá tutù, omi ń jò.

Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ yìí ń fẹ́ kí tánkì ga tó mítà 5 sí i. Tó bá rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi á máa wọlé bí òógùn.

Àbúrò mi kó bóòtù àti rọ́bà rẹ̀ sínú agolo mílíìkì. Ọkọ rẹ̀ ti ń sọ pé àwọn á kó lọ sí Ọ̀fà, wọn yóò sì tún nílò wọn lọ́jọ́ náà.