Ẹni tó bá lù ú kẹ́yìn ló ni wúrà: bí ojú ìjà ṣe ń rìn nínú League of Legends

Ọ̀nà mẹ́ta ló so ibùdó ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀ nínú eré kọ̀ǹpútà League of Legends. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, 30 ni àwọn ọmọ ogun tí kọ̀ǹpútà ń darí máa ń jáde sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láti ìhà méjèèjì: mẹ́ta tí ń jà lójúkojú, àti mẹ́ta tí ń sọ̀kò láti ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá lu ọmọ ogun ọ̀tá kẹ́yìn, tí ó fi kú, nìkan ni ó ń gba wúrà orí rẹ̀. Eléré tí ó ti lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí ọmọ ogun tirẹ̀ sì wá pa á, kò gba kọ́bọ̀. Ìrírí tí ń fún eléré lágbára sí i nìkan ló bá a, nítorí pé ó wà nítòsí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí ó bá ń lu ọ̀tá láìdáwọ́ dúró ni yóò jèrè jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọgbọọgba ni àwọn ọmọ ogun ìhà méjèèjì, bí àwo òṣùwọ̀n tí ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba, eléré tí ó sì ń lù wọ́n ṣáá ti fi òkúta kún àwo tirẹ̀. Ti ọ̀tá kú tán, tirẹ̀ ṣẹ́ku mélòó kan, ọ̀wọ́ tuntun dara pọ̀ mọ́ wọn, gbogbo wọn sì wọ́ lọ sábẹ́ ilé ìṣọ́ ọ̀tá. Níbẹ̀ ni eléré náà yóò ti dúró jìnnà sílé, tí ọ̀tá tí ń rìn nínú igbó lè yọ sí i lẹ́yìn.

Ibi tí ètò yìí ti gbọ́n jù ni dídá ojú ìjà dúró sí iwájú ilé ìṣọ́ ara ẹni, níbi tí ọfà ilé ìṣọ́ náà kò tó. Níbẹ̀, ọ̀wọ́ tuntun ti onílé máa ń kọ́kọ́ dé, nítorí pé ibùdó rẹ̀ ló sún mọ́ tòsí; bí iye wọn bá dọ́gba, ojú ìjà yóò padà sí àárín ọ̀nà. Nítorí náà, onílé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ ogun ọ̀tá tí ń sọ̀kò fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ ju tirẹ̀ lọ, kí ó sì lu ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ku ìlù kan péré. Ọ̀tá tí ó bá fẹ́ wúrà wá di ẹni tí yóò rìn jìnnà sílé.

Bí ọmọ ogun ọ̀tá bá pọ̀ jù, wọn yóò já wọ abẹ́ ilé ìṣọ́, ilé ìṣọ́ yóò sì máa pa wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, èyí tí ń jà lójúkojú, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, máa ń gba ọfà méjì kí ìlù kan tó pa á. Èyí tí ń sọ̀kò ń fẹ́ ìlù kan ṣáájú ọfà, àti ìlù kan lẹ́yìn rẹ̀.

Àbùkù ètò náà ni pé iye ọmọ ogun tí eléré pa ló ń hàn lójú kọ̀ǹpútà. Kò sí nọ́ńbà kankan tí ń sọ ibi tí ó ti pa wọ́n.