Nígbà Tí Orin Nìkan Ń Dúró, Tí Áàpù Yòókù Ń Ṣiṣẹ́ Dáadáa

Fídíò ń lọ geere, iṣẹ́ tí wọ́n rán lórí WhatsApp ń wọlé, àwòrán ń ṣí kíákíá, ṣùgbọ́n orin ń dúró ní gbogbo ìgbà, àmì róbótó sì ń yí lójú fóònù. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé dátà kò lágbára. Nínú irú ọ̀ràn yìí, dátà ló yẹ ká fura sí kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká fi Spotify ṣe àpẹẹrẹ. Ìpele ohùn tí wọ́n pè ní Very high níbẹ̀ ń gba 320 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Orin oníṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀ á wá jẹ́ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 8.4. Ìpele Normal kò gbà ju 96 lọ. Fídíò YouTube tó wà ní 720p, ní tirẹ̀, ń fẹ́ nǹkan bíi 2,500. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá ń gbé fídíò yẹn láìdúró lágbára tó láti gbé orin bíi méje lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpele Lossless nìkan ló yàtọ̀, torí ó lè ju 1,000 lọ. Ẹni tó bá yan ìyẹn, kó kọ́kọ́ sọ ọ́ kalẹ̀ ná.

Áàpù orin kì í fa orin wọlé díẹ̀díẹ̀ bí etí ṣe ń gbọ́ ọ. Ó máa ń sáré gba apá kan sílẹ̀, á kó o pamọ́ sínú fóònù, ibi ìpamọ́ yẹn ni ohùn ti ń jáde. Ibi ìpamọ́ yìí ni bọ́fà. Orin kì í dúró àfi tí bọ́fà bá gbẹ. Nítorí náà, ohun tó yẹ ká wádìí ni ohun tí kò jẹ́ kí áàpù rí apá tó kàn gbà kí èyí tó wà nílẹ̀ tó tán.

Ẹni tó lè fa ìdíwọ́ jù ni fóònù fúnra rẹ̀. A máa ń wo fídíò pẹ̀lú ojú fóònù ní títàn, ṣùgbọ́n tí a bá tan orin, a ó pa ojú fóònù, a ó tì í bọ àpò. Android máa ń gbìyànjú láti ṣọ́ bátìrì lásìkò yẹn, á sì máa dín iṣẹ́ àwọn áàpù tí a kò wò kù. Lóòótọ́, Android mọ áàpù tó ń kọrin lọ́wọ́, kì í sábà fọwọ́ kàn án. Àmọ́ àwọn tó ń ṣe fóònù máa ń fi ẹ̀ṣọ́ bátìrì tiwọn kún un, irú bíi Phone Master tó ń wà lórí Tecno àti Infinix, òmíràn nínú wọn sì le ju ti Android lọ. Ìdí nìyẹn tí orin tó wà lórí rẹ̀ fi lè parí, torí ó ti wà nínú bọ́fà, kí èyí tó tẹ̀ lé e sì kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀. WhatsApp kò ní fi hàn pé nǹkan kan ń ṣe, torí Google ló ń bá a gba ìkéde wọlé, tí á sì jí i tí iṣẹ́ bá dé.

Ọ̀nà tí a fi ń dá èyí mọ̀ rọrùn. Kí ojú fóònù wà ní títàn, kí áàpù orin wà ní iwájú, kí orin bíi mẹ́ta tẹ̀ léra wọn. Tí wọ́n bá lọ geere, tí ìdúró sì padà wá nígbà tí a pa ojú fóònù, ẹ̀ṣọ́ bátìrì ni. Ká lọ sí Settings, Apps, ká yan áàpù orin náà, ká tẹ Battery, ká fi í sí Unrestricted. Tí Data Saver bá wà ní títàn lórí fóònù, ká fún áàpù náà láyè níbẹ̀ pẹ̀lú, ní abẹ́ Unrestricted data.

Tí orin bá ń dúró bí ojú fóònù tilẹ̀ wà ní títàn, ọ̀nà tí orin ń gbà wọlé ló kù ká wò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà kò túmọ̀ sí ọ̀nà kan náà. Google, fún àpẹẹrẹ, máa ń gbé ẹ̀rọ tó ń tọ́jú fídíò YouTube sínú ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra wọn, nítorí náà fídíò lè máa ti tòsí wá nígbà tí orin ń ti òkèèrè bọ̀. Ohun tí àyẹ̀wò ìyára nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wọ̀n ni ọ̀nà tó lọ sí ẹ̀rọ kan nítòsí, kò sọ ohunkóhun nípa ọ̀nà ti orin.

Ká ní ẹnìkan ń lo Spotify ọ̀fẹ́ ní Ìbàdàn. Orin kan á lọ dé òpin, lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan á dúró fún ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ìpele ohùn kalẹ̀ sí Low, kò yí padà. Ó kúrò lórí Wáífáì bọ́ sórí dátà, bákan náà ni. Fóònù àbúrò rẹ̀ lórí Wáífáì yẹn ń kọrin láìdúró. Ohun tí a ti rí yìí tó láti mọ̀ pé Wáífáì kọ́, dátà kọ́, Spotify fúnra rẹ̀ kọ́: nǹkan kan tó ń bá fóònù yẹn lọ síbi gbogbo ni. Bí ìdúró náà ṣe ń bọ́ sí àárín orin méjì tún ń tọ́ka sí ibì kan, torí ibẹ̀ ni ìpolówó ti ń wọlé fún ẹni tí kò sanwó.

A wo Settings, Network & internet, Private DNS, a sì bá orúkọ iṣẹ́ kan tó ń dí ìpolówó níbẹ̀, tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. DNS ló ń yí orúkọ tí áàpù pè padà sí nọ́ńbà ẹ̀rọ tó ń wá. Tí iṣẹ́ yìí bá kọ̀ láti fún un ní nọ́ńbà ẹ̀rọ ìpolówó, áàpù lè dúró, kó máa gbìyànjú léraléra kó tó fò ó kọjá. Ìpolówó YouTube kò fara gbá a, torí orúkọ kan náà ni ìpolówó àti fídíò ń lò níbẹ̀. A yí Private DNS sí Automatic, a pa áàpù náà pátápátá, a tún un ṣí, orin sì ń tẹ̀ léra wọn. VPN tó ṣí sílẹ̀ láìmọ̀ náà lè fa irú èyí, torí ó lè gbé gbogbo ọ̀nà gba orílẹ̀-èdè mìíràn.

Tó bá jẹ́ pé orí dátà ni orin ti ń lọ dáadáa, tí gbogbo fóònù inú ilé sì ń dúró lórí Wáífáì, ẹ̀rọ Wáífáì ló yẹ ká yẹ̀ wò. Ká pa á, ká tún un tàn, ká sì wo nọ́ńbà DNS tí wọ́n kọ sínú rẹ̀.

Àyè inú fóònù náà ń ka, torí inú rẹ̀ ni bọ́fà wà. Fóònù tó kún dẹ́nu kò ní ibi tí á kó orin sí, ó sì dára kí ó ṣẹ́ ku gígábáìtì kan ó kéré tán. Nínú Settings ti Spotify, Clear cache kò ní pa orin tí a ti gbà sílẹ̀ rẹ́. Clear data tàbí Clear storage ti Android ni á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, tí á sì ní ká tún wọlé.

Tí ohùn bá ń já, tí àmì ìdúró kò sì yí, tí ìlà àkókò orin ṣì ń rìn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bulutúùtù ló yẹ ká fura sí. Ká fi etí-gbọ́ olókùn tàbí sípíkà fóònù fúnra rẹ̀ dán an wò.