Ìdákẹ́ Ẹ̀rọ Kọ́ Ni "Kò Sí Lásà"

Ìgò onídèérí àwọ̀ ewé kì í ṣe ti PCR, àyẹ̀wò tí a fi ń ṣe ẹ̀dà jíìnì lọ́pọ̀lọpọ̀ kí ẹ̀rọ lè rí i. Mo ti sọ ọ́ sọ ọ́, ó ti ń sú mi, síbẹ̀ òun náà ni wọ́n tún fi gbé ẹ̀jẹ̀ àgbẹ̀ kan wá fún mi ní ìpínlẹ̀ Òndó níbí, lọ́dún tó kọjá. Hẹpárìn inú ìgò yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, òun kan náà ló sì ń so ẹ́ńsáìmù wa tó ń ṣe ẹ̀dà náà lọ́wọ́. Ìgò onídèérí àwọ̀ àlùkò, tí EDTA wà nínú rẹ̀, ni kí ẹ béèrè.

Ọjọ́ karùn-ún ibà bàbá náà nìyẹn, dókítà sì ń fura sí Lásà. Nǹkan méjì la máa ń wá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kan: fáírọ́ọ̀sì, àti jíìnì kan tí gbogbo ọmọ ènìyàn ní. Ti fáírọ́ọ̀sì lè má sí. Ti ènìyàn kò gbọdọ̀ má sí, àfi bí iṣẹ́ bá bàjẹ́. Ẹ̀rọ yí i nígbà 40, ìlà méjèèjì kò gbéra. Omi lásán tí a fi ṣe kọntírólù, ìyẹn ohun tí a ti mọ èsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, dákẹ́ bó ṣe yẹ, kọntírólù tó ní fáírọ́ọ̀sì sì gbéra, nítorí náà èròjà wa pé. Inú ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an ni wàhálà wà. Mo kọ ọ́ pé àyẹ̀wò kò gbà, ìyẹn ni pé kò sọ pé Lásà wà, kò sì sọ pé kò sí, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ mìíràn gbà.

Àṣìṣe kan wà tí jíìnì ènìyàn kò lè tú fó, òun ló máa ń gba oorun lójú mi: ti práímà. Práímà jẹ́ okùn kékeré bíi lẹ́tà 20, tó ń lẹ̀ mọ́ ibi tó bá bá a mu lára fáírọ́ọ̀sì. Ìparí okùn náà ni ẹ́ńsáìmù ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ kò bá bára mu, ẹ́ńsáìmù lè má gbéra rárá. Fáírọ́ọ̀sì Lásà ti Sàró yàtọ̀ sí tiwa, ti Òkè Ọya sì yàtọ̀ sí ti Ẹdó àti Òndó. Práímà tí a fi ti ibòmíràn ṣe lè gba ẹ̀gbẹ́ tiwa kọjá, kí gbogbo kọntírólù sì tún máa ṣe bó ṣe yẹ bíi pé kò sí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi práímà oríṣi méjì wá ibi méjì lára fáírọ́ọ̀sì. Mi ò ní fi ẹyọ kan dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láé.

Àbúrò bàbá náà gba ìwé mi, ó ka "kò gbà" sí "kò sí", ó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní oníṣègùn. Onítọ̀hún ní àpèta ni, ló bá sín gbẹ́rẹ́ fún un. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ tuntun dé nínú ìgò tó yẹ: ìyípo 24 ni fáírọ́ọ̀sì ti yọ, jíìnì ènìyàn yọ ní 27. Ìgbà yẹn la tó wá abẹ gbẹ́rẹ́ náà lọ. Onítọ̀hún ti fi sín ọmọ bàbá náà.